Ramlah Ọmọ Láwàlì àti Yàrá Tí Wọ́n Fẹ́ Kó Táyà Sí

Ìwé mẹ́fà ni mo kà, mi ò sì kà á tán. Ẹ má retí gírámà lọ́wọ́ mi. Inú ló ń bí mi tí mo fi mú bírò.

Obìnrin kan wà tó ń jẹ́ Ramlah. Ọmọ Láwàlì ni, Láwàlì ará Ṣakí tó ń wa tírélà. Gbogbo wa ní Málù Road la mọ̀ ọ́n. Tírélà rẹ̀ máa ń tò sórí ìlà ní pọ́ọ̀tù Tin Can ọjọ́ mẹ́ta, ọjọ́ mẹ́rin, nígbà míì ọ̀sẹ̀ kan gbáko, kó tó rí kọ̀ǹténà gbé. Ramlah ló ń gbé oúnjẹ lọ bá a láti Ajégúnlẹ̀. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni nígbà náà. Tó bá gbé oúnjẹ dé, kì í tètè padà sílé. Á jókòó síbi òjìji tírélà, á máa ya irin sínú ìwé. Sípíríǹgì. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó kán. Ojú táyà. Láwàlì fi ìwé náà hàn mí lọ́jọ́ kan, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Bàbá Gafar, ẹ wo wèrè ọmọ mi." Mo wò ó. Ihò bóòtì ojú táyà, mẹ́wàá ló wà lára tírélà, mẹ́wàá ló wà nínú ìwé. Ọmọ tó ń ya nǹkan kì í ka ihò. Èyí kà á.

Láwàlì kú lọ́dún tí ọmọ náà wọ póólì. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Orí ìlà yẹn náà ló ti ká a mọ́. Ramlah ta tíì àti búrẹ́dì fáwọn awakọ̀ láàárọ̀, ó ka ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án, ó sì gba ìwé ẹ̀rí. Ó wá di tíṣà. Ilé ìwé girama kan ní Ajégúnlẹ̀ ló gbà á, kí ó máa kọ́ àwọn ọmọ ní iṣẹ́ ọwọ́ àti yíya àwòrán irin. Owó oṣù kò tó nǹkan, nítorí náà gbogbo Ọjọ́rú ló tún ń lọ kọ́ àwọn ọmọ nílé ìwé kékeré kan tí Màdáámù Philomena ń darí, lápá kejì kánààlì. Ẹni tí mò ń kọ nípa rẹ̀ nìyẹn. Kì í ṣe ẹni ńlá. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n ju àdúgbò lọ.

Iṣẹ́ tèmi, mo ń yọ́ alumíníọ̀mù. Tí nǹkan bá kán lára ẹ̀rọ, tí wọn ò sì rí i rà, èmi ni wọ́n ń gbé e bọ̀ wá bá. Gbẹ́nàgbẹ́nà á fi igi gbẹ́ àwòkọ rẹ̀. Pátánì là ń pè é. Màá tẹ pátánì yẹn sínú yanrìn tútù tí mo kì sínú àpótí, màá yọ ọ́, ojú rẹ̀ á kù sínú yanrìn. Ibẹ̀ ni màá da alumíníọ̀mù yíyọ́ sí. Tó bá tutù, màá fọ́ yanrìn kúrò. Ó tán.

Ramlah kọ́kọ́ wá síbi iṣẹ́ mi pẹ̀lú àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀. Mo lé wọn. Ó tún padà wá lọ́jọ́ kejì, òun nìkan, ó ra Malt dání. Mo ní, "Ọmọ Láwàlì, kí lo tún ń wá?" Ó ní, "Bàbá, àwọn ọmọ mi ń ya pátánì nínú ìwé, wọn ò rí i rí. Inú ìdánwò ni wọ́n á ti kọ́kọ́ rí i." Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Láti ọjọ́ yẹn ló ti ń kó wọn wá.

Yàrá kan wà nílé ìwé náà tí wọ́n ń pè ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Tábìlì ìyàwòrán mẹ́rìnlá ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú fáìsì mẹ́ta tí wọ́n fi ń di irin mú, tó ti dípẹtà. Yàrá náà tóbi, ó sì gbẹ. Ní àdúgbò tiwa, ewu ni kí yàrá tóbi kó sì gbẹ. Ibi gbogbo tó bá sún mọ́ pọ́ọ̀tù, wọ́n ti sọ ọ́ di ibi ìkẹ́rù. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Hussein, tó ń kó táyà tòkunbọ̀ jáde ní Tin Can, ló ń wá yàrá kiri. Ó dé ọ̀dọ̀ prínsípà.

Prínsípà yìí ń jẹ́ Fidelis. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí. Ó gbọ́ Yorùbá jù mí lọ, ó ń sọ pijin bí ọmọ ọjà Boundary, ṣùgbọ́n tó bá ti jókòó sórí àga yẹn, á máa fa gírámà wọ inú rẹ̀. Ó pe Ramlah, ó ní yàrá yẹn kò wúlò mọ́, pé sáà tó ń bọ̀ òun máa fi rẹ́ǹtì. Ramlah ní, "Sà, níbo ni àwọn ọmọ mi á ti máa ṣiṣẹ́?" Fidelis ní tó bá ní nǹkan mìíràn tó fẹ́ fi yàrá náà ṣe, kó kọ ọ́ sílẹ̀ ní prọpósà, pẹ̀lú iye owó, kó gbé e wá. Òun á wò ó.

Ramlah gbà á gbọ́. Èmi náà gbà á gbọ́.

Ó kọ ọ́. Ojú ewé méjì. Ó gbé e wá síbi iṣẹ́ mi, ó kà á fún mi kí n lè sọ ibi tí kò bá ti yé mi. Ohun tó ń béèrè ni ilé iṣẹ́ kékeré kan tí àwọn ọmọ á ti máa ya nǹkan sórí kọ̀ǹpútà, tí ẹ̀rọ á sì máa ṣe é jáde. Pírińtà ni wọ́n ń pè é, ṣùgbọ́n kì í ṣe èyí tó ń tẹ ìwé. Okùn ike ló ń jẹ. Á yọ́ ọ, á máa tò ó lélẹ̀ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, ọ̀kan lórí ìkejì, títí nǹkan náà á fi dìde dúró. Ó ní kí wọ́n ra kékeré méjì, ₦420,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Okùn ike mẹ́wàá, kílò kan kan, ₦30,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Láptọ́ọ̀pù tòkunbọ̀ mẹ́rin, ₦180,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ínfátà pẹ̀lú bátìrì, ₦650,000, nítorí tí NEPA bá mú iná lọ láàárín iṣẹ́, ó ṣeé ṣe kí ohun tí ẹ̀rọ ti tò fún wákàtí mẹ́wàá bàjẹ́. Kálípà mẹ́ta tí wọ́n fi ń wọn nǹkan, ₦15,000 lọ́kọ̀ọ̀kan. Orí ẹnu ẹ̀rọ tó máa ń dí àti àwọn ohun èlò kéékèèké, ₦35,000. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦2,590,000.

Mo ní, "Kọ̀ǹpútà náà ńkọ́? Wọ́n ní èyí tó wà nínú rẹ̀ gan-an ló wọ́n."

Ó rẹ́rìn-ín. "Sọ́fúwíà, Bàbá. Ọ̀fẹ́ ni." Ó fi ìka tọ́ ọ fún mi. FreeCAD ni wọ́n á fi máa ya nǹkan. Tí wọ́n bá ti gbé e sórí láptọ́ọ̀pù, kò nílò dátà. Cura ni yóò gé àwòrán náà sí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ẹ̀rọ lè tò. Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Tinkercad wà fáwọn ọmọ JSS tí kò tíì mọ nǹkan kan, ọ̀fẹ́ ni, ṣùgbọ́n ó ń fẹ́ dátà, nítorí náà ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni. Ó kọ òdo síwájú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Òdo gidi.

Ní ìsàlẹ̀ ojú ewé kejì, ó kọ bí owó á ṣe máa padà wọlé: àwọn ọmọ á máa ṣe pátánì fáwa tí à ń da irin ní Málù Road. Gbẹ́nàgbẹ́nà ń gba ₦40,000 lọ́wọ́ mi, ọjọ́ mẹ́rin sì ni. Ike tó wà nínú pátánì tí ẹ̀rọ bá ṣe kò ju ₦9,000 lọ, ọjọ́ kan ló sì fi ń ṣe é.

Mo ní ìwé náà dára. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò pọ̀.

Ó ní kí n bá òun lọ, kí n lè fẹnu ara mi sọ pé màá máa ra pátánì. Mo wọ aṣọ tó mọ́. A gun òkè lọ sí ọ́fíìsì Fidelis. Ó mú ìwé náà, ó yí i síwájú, ó yí i sẹ́yìn.

"Madam Ramlah, this one na two page."

"Bẹ́ẹ̀ ni sà. Gbogbo ẹ̀ ló wà níbẹ̀."

"Where vision? Where mission? Where twenty-first century?"

"Sà, SS2 ni wọ́n."

Mo rẹ́rìn-ín. Fidelis wò mí bí ẹni pé ajá ló wọlé. Ó mú bírò pupa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ nǹkan sí etí ìwé. Ó dé ibi sọ́fúwíà, ó dúró.

"Zero naira? Ah-ah! Wetin dem dey dash people no get value. Ẹ fi owó láísẹ́ńsì sí i. One point eight million, per annum."

Ramlah ní, "Sà, kò sí láísẹ́ńsì tí èèyàn ń rà nínú FreeCAD. Ta la máa san án fún?"

"Dat one na my headache."

"Mi ò lè kọ ọ́, sà. Irọ́ ni."

Ojú Fidelis yí padà. Ó ní ìwé tí kò wúwo kì í lọ jìnnà, pé ó tiẹ̀ ṣeé ṣe kí nǹkan tó ń sọ yìí má ṣiṣẹ́ rárá, pé ike ni, eré ọmọdé ni. Ramlah kò gbé ohùn sókè. Ó ní, "Sà, pọ́ǹpù ilé ìwé ti bàjẹ́ láti oṣù méjì. Ìdérí rẹ̀ ló fọ́. Àwọn ọmọ ń fi kẹ́ẹ̀gì pọnmi sí ilé ìgbẹ́. Tí mo bá fi ẹ̀rọ yìí ṣe ìdérí rẹ̀, tí omi sì yọ, ṣé ẹ máa buwọ́ lù ú bó ṣe wà?"

Fidelis ní, "Friday. After Jumat. If water comot, I sign."

Òótọ́ ni pé ìdérí yẹn fọ́. Ó rí roboto, fífẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ogún sẹ̀ǹtímítà, bóòtì mẹ́fà ló dè é mọ́ ara pọ́ǹpù, ètè kan sì wà níwájú rẹ̀ tó gbọ́dọ̀ wọ ẹnu pọ́ǹpù ṣinṣin kí omi má baà jò. Wọn ò tà á mọ́. Ramlah àti àwọn ọmọ mẹ́ta kó àfọ́kù rẹ̀ jọ, wọ́n fi kálípà wọ̀n ọ́n, wọ́n yà á sórí kọ̀ǹpútà. Ẹ̀rọ kò sí lọ́wọ́ wọn. Onyeka tó ń tún pírińtà ọ́fíìsì ṣe ní Wharf Road ní ọ̀kan nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó ní kí wọ́n ra ike wá, kí wọ́n lò ó láti fi ṣe pátánì tí màá fi da ìdérí náà.

Ibi tí mo fẹ́ dé ló kù yìí. Ibi tí mo ti ṣẹ̀ nìyí.

Alumíníọ̀mù máa ń súnkì tó bá tutù. Ohun tó gbóná fẹ̀. Ohun tó tutù súnkì. Nínú mítà kan, mílímítà mẹ́tàlá ló ń lọ. Nítorí náà, pátánì gbọ́dọ̀ tóbi ju ohun tí a ń wá lọ. Gbogbo ẹni tó ń da irin ló mọ̀ ọ́n, kò sì sí ẹni tó ń sọ ọ́. Ọ̀gá mi kò sọ ọ́ fún mi fún ọdún mẹ́fà. Mo ń wo ọwọ́ rẹ̀, mo ń da tèmi ní kọ̀rọ̀, kì í bára mu, ó ń fi mí ṣẹ̀sín. Ọjọ́ tí mo gba frídọ̀ọ̀mù ló tó fún mi ní rúlà tí wọ́n fi ń gbẹ́ pátánì, tó gùn ju rúlà gidi lọ. Ó ní, "Èyí ni iṣẹ́ náà. Ìyókù, iná ni." Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Mo ní ọmọṣẹ́ mẹ́rin rí. Mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni kó tó gba frídọ̀ọ̀mù.

Ramlah béèrè lọ́wọ́ mi. Mo gbọ́dọ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó dúró níwájú mi, ó ní, "Bàbá, mo kà á nínú ìwé pé irin máa ń súnkì. Ṣé kí n fi díẹ̀ kún un, àbí ẹ̀yin lẹ ní bí ẹ ṣe ń ṣe é nínú yanrìn?"

Mo ní, "Ṣáà gbé e wá bó ṣe rí."

Ìyẹn ni mo sọ. Mi ò parọ́. Mi ò sì sọ òótọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ti wà lẹ́nu mi fún ogójì ọdún, òun ló kọ́kọ́ jáde. Ohun míì sì wà níbẹ̀. Mo fẹ́ rí i kí ẹ̀rọ yẹn kùnà lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n ti sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà mọ gbogbo nǹkan. Mo ní jẹ́ kó mọ èyí náà.

Ó gbé pátánì náà wá ní Ọjọ́bọ̀. Ó dára. Wọ́n ti fi bọ́dì-fílà, èyí tí àwọn tó ń tún ara mọ́tò ṣe fi ń dí ojú ihò, kùn ún, wọ́n fi sáńpépà dán an, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ fẹ̀ díẹ̀ sísàlẹ̀ kó lè yọ nínú yanrìn láìfọ́ ọ. Mo gbé rúlà mi lé e. Mo rí i pé kò tóbi tó. Mo gbé rúlà mi kúrò. Mo kì yanrìn, mo da alumíníọ̀mù sí i.

Ọjọ́ Jímọ̀ dé. A kí ìrun tán. Fidelis wà níbi pọ́ǹpù pẹ̀lú àwọn òbí méjì láti PTA. Hussein náà wà níbẹ̀, ó wọ jàlábíà funfun, ó ń jẹ èpà. Àwọn ọmọ SS2 tò yí ká. Ramlah fúnra rẹ̀ ló gbé ìdérí náà lé e. Bóòtì kan wọlé. Ìkejì wọlé. Ìkẹta kọ̀. Ó tú wọn, ó yí i, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìkẹta kọ̀. Ètè rẹ̀ ń jó nínú ẹnu pọ́ǹpù bí eyín ọmọdé tó fẹ́ yọ.

Fidelis ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín.

"Madam, na dis one be lab?"

Hussein ní, "Áńtí, ẹ má bínú o. Ṣé mo lè máa kó táyà mi bọ̀ lọ́jọ́ Ajé?"

Àwọn ọmọ ń wo tíṣà wọn. Ramlah wo ìdérí. Ó mú kálípà lápò, ó wọ̀n ọ́n níbí, ó wọ̀n ọ́n lọ́hùn-ún. Lẹ́yìn náà ló wò mí. Kò bínú. Ì bá sàn fún mi kó bínú.

"Bàbá," ó ní, "mélòó ló ń súnkì?"

Níwájú gbogbo wọn. Tọmọdé tàgbà. Mo mọ̀ pé tí mo bá ní mi ò mọ̀, ó parí, kò sì sẹ́ni tó máa mọ̀ pé èmi ni. Ojú ń tì mí, inú sì ń bí mi, mi ò tiẹ̀ mọ ẹni tí mò ń bínú sí.

Mo ní, "Mẹ́tàlá nínú mítà kan. Irin dúdú, mẹ́wàá. Béèrè bíráàsì náà, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni. Kí o sì fi mílímítà méjì lé ètè yẹn, kí ẹni tó ń fi léètì fá irin lè rí nǹkan fá. Mo mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀. Èmi ni mi ò sọ fún ẹ. Ẹ̀rọ rẹ kò jẹ̀bi."

Ọmọ kan kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀. Mo gbọ́ bí bírò ṣe ń dún.

Ramlah yíjú sí Fidelis. "Sà, nọ́ńbà kan ni mo máa yí lórí kọ̀ǹpútà. Ẹ fún mi di àárọ̀ ọjọ́ Ajé."

Ọ̀kan nínú àwọn òbí náà, obìnrin kan tó ń ta ẹja dídì, ní, "Prínsípà, ẹ fún un jàre. Omi la ń wá, a kì í wá ẹjọ́." Fidelis ní ó dára. Ó sọ ọ́ kíákíá. Ó yẹ kí n ti fura.

Nọ́ńbà kan ló yí lóòótọ́. Dípò ọgọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún, ó fi ọgọ́rùn-ún lé ẹyọ kan àti díẹ̀ sí i, ẹ̀rọ sì fẹ gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Gbẹ́nàgbẹ́nà ì bá tún igi gbẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rin. Ẹ̀rọ Onyeka bẹ̀rẹ̀ lálẹ́ Jímọ̀, ó parí lọ́sàn-án Sátidé. Mo dà á láàárọ̀ Sọ́ńdè, mi ò gba kọ́bọ̀. Efe, ẹni tó ń bá wa fá irin, fi léètì rẹ̀ fá ètè náà lọ́sàn-án, ó ń bú mi bó ṣe ń fá a. "Baba, you get mouth, you no fit use am?" Mo ní kó bú mi dáadáa.

Àárọ̀ ọjọ́ Ajé, bóòtì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé. Ramlah dè wọ́n, kò fi ipá dè wọ́n. Wọ́n tan ẹ́ńjìnì. Ọ̀pá náà kọ́kọ́ sín bí ewúrẹ́, lẹ́yìn náà omi dé. Àwọn ọmọ pariwo débi pé àwọn awakọ̀ tó wà níta wọ inú ọgbà wá wò. Ìdérí náà kò jò. Mo fi ọwọ́ yí i ká. Ó gbẹ.

Fidelis ń pàtẹ́wọ́. Ramlah na ìwé sí i, pẹ̀lú bírò. Ojú ewé méjèèjì, bó ṣe wà.

Géètì ṣí. Tírélà kékeré kan wọlé, táyà kún un dé òkè. Hussein sọ̀ kalẹ̀, ó wo ojú fèrèsé wọ́kíṣọ́ọ̀bù.

"Prínsípà! Ẹ ò tíì kó àwọn tábìlì yìí kúrò? Ẹ̀yin lẹ ní yàrá náà ti ṣófo."

Ramlah ní, "Alájì, a ò tíì fi yàrá sílẹ̀. Prínsípà fẹ́ buwọ́ lu ìwé ni."

"Ìwé kẹ̀? Áńtí, mo sanwó yàrá yìí nínú oṣù Ṣàábáànì, kí ààwẹ̀ tó dé. Ọdún kan gbáko. Rìsíìtì rèé."

Ó mú un jáde. Lóòótọ́ ni. Mo ka oṣù lórí ìka mi. Ṣàábáànì ti kọjá kí Fidelis tó pe Ramlah pé kó kọ prọpósà. Ó ti gba owó, ó ti ná an, kó tó ní kí ọmọ ọlọ́mọ lọ kọ ìwé. Ó kàn fẹ́ kó rí nǹkan ṣe títí sáà á fi parí ni. Bírò pupa, vision, mission, Friday after Jumat, gbogbo ẹ̀, irọ́ ni. Tí mo bá sì ti sọ òótọ́ lẹ́nu lọ́jọ́ kìíní, tí omi ti yọ lọ́jọ́ Jímọ̀, irọ́ kan náà ni ì bá jẹ́. Ìyẹn kò tù mí nínú.

Fidelis ní, "Ẹ jọ̀ọ́, it was provisional. Madam, we go find another space. By God's grace."

Mo mú sípánà. Mo lọ bá pọ́ǹpù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tú bóòtì. Ọ̀kan. Èkejì. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ta sí mi láṣọ.

"Bàbá! How far nau? Wetin be dat?"

Mo ní, "Alumíníọ̀mù mi ni. Yanrìn mi ni. Buwọ́ lu ìwé, tàbí kí n gbé nǹkan mi lọ."

Àwọn ọmọ ń pariwo, "Tú u, Bàbá! Tú u!" Hussein ń wo Fidelis, ó ń wò mí. Mo ti tú ìkẹta kí ọwọ́ kan tó di ọwọ́ mi mú. Ramlah ni.

"Bàbá, ẹ fi sílẹ̀."

"O ò gbọ́ ohun tó ṣe ni?"

"Mo gbọ́. Ta ló ń pọnmi sí ilé ìgbẹ́, Bàbá? Ṣé prínsípà ni?"

Ó gba sípánà lọ́wọ́ mi, ó kúnlẹ̀ sínú ẹrẹ̀, ó dè é padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. Nígbà tó dìde, ó gba ìwé rẹ̀ lọ́wọ́ Fidelis. Kò já a gbà, ṣe ló yọ ọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ bí ẹni ń gba fílà ọmọdé. Ó ní, "Sà, ẹ kú iṣẹ́." Ó jáde. Mo ṣì wà níbẹ̀. Mo bú Fidelis. Mi ò ní kọ ohun tí mo sọ sínú ìwé yìí, ṣùgbọ́n mo sọ ọ́ ní Yorùbá, ó sì gbọ́ gbogbo ẹ̀.

Ní Ọjọ́rú, Ramlah lọ sí ilé ìwé kejì gẹ́gẹ́ bó ṣe máa ń lọ. Ó gbé ìwé náà fún Màdáámù Philomena. Ó ti lẹ ìwé funfun mọ́ ibi orúkọ Fidelis, ó kọ ti Màdáámù lé e. Àwọn ibi tí bírò pupa kọ, ó fi wọ́n sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi náà bá a lọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ó kọ orúkọ mi sí ìsàlẹ̀, pé èmi ni mo máa kọ́ àwọn ọmọ bí irin ṣe ń súnkì. Mo fọwọ́ sí i.

Ilé ìwé Màdáámù Philomena kò ní yàrá kankan tó ṣófo. Arúgbó ni, ó ń lo gíláàsì méjì. Ó ka ojú ewé méjèèjì láìgbójú sókè. Ó wá béèrè ohun kan ṣoṣo.

"If the machine spoil, who go repair am?"

Ramlah ní, "Àwọn ọmọ, Mà. Tí orí ẹnu rẹ̀ bá dí, wọ́n á yọ ọ́, wọ́n á pààrọ̀ rẹ̀. Ó wà nínú iye owó, ìlà tó kẹ́yìn."

Màdáámù wo ìlà tó kẹ́yìn. Ó rí ₦35,000 yẹn. Ó ní òun ò lè rí mílíọ̀nù méjì àtààbọ̀. Ó ní pírińtà kan, láptọ́ọ̀pù méjì, kálípà kan, ike mẹ́ta, ínfátà tó kéré jù yẹn lọ. Ó fa ìlà gba ìyókù kọjá, ó buwọ́ lù ú. Ó fún wọn ní ìparí ọ̀dẹ̀dẹ̀ tó wà lókè, wọ́n fi pákó pẹlẹbẹ dí i, wọ́n fi ilẹ̀kùn sí i.

Mo lọ wò wọ́n lọ́sẹ̀ tó kọjá. Wọ́n ń ṣe pátánì púlì, àgbá kẹ̀kẹ́ tí bẹ́líìtì ń yí, fún ẹ̀rọ ata kan, mo sì ti sanwó rẹ̀. Ramlah ń lágùn, ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń pariwo mọ́ ọmọ kan pé kó tún ihò yẹn wọ̀n. Ó ní, "Bàbá Gafar, ẹ má fojú burúkú wò wá, a ti bẹ̀rẹ̀."

Wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ lóòótọ́. Ọmọ mẹ́jọ ló lè dúró sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn. Àwọn mìíràn ń dúró síta, wọ́n ń gba orí èjìká ara wọn wò. Yàrá tí Fidelis tà yẹn, ọgbọ̀n ló ń gbà. Mo gba ibẹ̀ kọjá nígbà tí mò ń darí bọ̀. Táyà ti dé ojú fèrèsé, kò sí ìmọ́lẹ̀ tó lè wọlé mọ́. Inú mi kò tíì rọ̀, mi ò sì fẹ́ kó rọ̀.